Ewé Tó Ń Jẹ́ Akíntọ́lá, Tó Tún Ń Jẹ́ Awólọ́wọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Orúkọ Ewéko àti Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ ní Látìnì

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n wá sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ tí à ń pe ewéko nílé àti lọ́jà, àti orúkọ Látìnì tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é nínú ìwé, kí n sì fi hàn bí a ṣe ń kọ orúkọ Látìnì náà tí kò fi ní í lábùkù. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ṣùgbọ́n ewé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ewé tí ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó wà níbí má tíì tẹ̀ mọ́lẹ̀ rí.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ kọjá Ojóò lọ sí Mọ́níyà, tàbí tí ẹ kàn wo ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí lẹ́yìn àdúgbò Bódìjà, ẹ ó rí igbó kan tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́ lé ara wọn, tí ewé rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì ní ìdojúkọ ara wọn, tí iṣan mẹ́ta sì ń yà láti ìdí ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹnu àmúga. Bí ẹ bá fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á gba imú. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kìíní, òdòdó rẹ̀ á yọ ní ìdì-ìdì, funfun tó súnmọ́ àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó tó di irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fi gbé èso rẹ̀ kiri oko olóko. Ẹni tí àdá bá gé lọ́wọ́ lóko, omi ewé yìí ni àgbà máa ń fún sójú ọgbẹ́ náà kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Kí ni orúkọ rẹ̀? Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ kan léèrè, yóò ní Akíntọ́lá ni. Bí ẹ bá bi ẹlòmíràn, yóò ní Awólọ́wọ́ ni, kò sì ní í rò pé ọ̀rọ̀ náà ní àríyànjiyàn nínú. Bí ẹ bá kọjá sí ilẹ̀ Gánà, Acheampong ni wọn yóò pè é fún yín, orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣèjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978. Àwọn Òyìnbó ní tiwọn sọ ọ́ di koríko Ṣáàmù, ìyẹn ilẹ̀ tí à ń pè ní Tàílàndì lónìí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí, nítorí nígbà tí ewé àjèjì yìí ń gba oko kiri ní ilẹ̀ Yorùbá, Awólọ́wọ́ ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 sí 1959, Akíntọ́lá ni ó sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ títí di oṣù Kìíní 1966, Ìbàdàn yìí náà sì ni àwọn méjèèjì ti ṣe é. Bóyá ìfẹ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ fi sọ ọ́, bóyá ìbínú ni, ewé náà kò lè sọ fún wa.

Orúkọ bẹ́ẹ̀ ní iyì tirẹ̀, n kò sì ní í gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a jù ú nù, nítorí ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú Látìnì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò lè ṣe. Bí àgbẹ̀ kan bá kọ̀wé pé Awólọ́wọ́ ti bo oko kòkó òun, tí èkejì kọ̀wé pé Akíntọ́lá ni, tí ẹnìkẹta kọ̀wé láti Kúmásì pé Acheampong ni, ẹni tó bá jókòó sí ibi tí kò mọ ìtàn wa yóò rò pé ewéko mẹ́ta ni, yóò sì wá oògùn mẹ́ta fún wọn. Orúkọ Òyìnbó tilẹ̀ burú ju èyí lọ, nítorí ó ń tọ́ka sí ibi tí ewé náà kò ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, láti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà Òkè àti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà pẹ̀lú àwọn erékùṣù Káríbíánì. Àwọn tó wá ìtàn rẹ̀ sì sọ pé inú irúgbìn igi mẹláínà tí wọ́n kó wá láti Sílóònù, tí ó ń jẹ́ Sìrì Láńkà báyìí, ní 1937 ni ó bá wọ Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn olùwádìí fẹ́ wá kòkòrò tí yóò máa jẹ ẹ́ kí agbára rẹ̀ lè dínkù, Tìrínídáàdì ni wọ́n ti rí ọ̀kan mú wá. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ Ṣáàmù ni wọ́n tẹ̀ lé, ibi tí ewé náà ti jẹ́ àlejò bíi tiwa ni wọn ìbá ti máa wá ọ̀tá rẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sílẹ̀ ní kíkún:

*Chromolaena odorata* (L.) R.M.King & H.Rob.

Kò sí lẹ́tà, kò sí àmì kan nínú ìlà yìí tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, *Chromolaena*, ni orúkọ ìdílé, èyí tí ewé yìí àti gbogbo ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ jọ ń jẹ́. Lẹ́tà ńlá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ kejì, *odorata*, ni ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ìbátan náà. Lẹ́tà kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ orúkọ ènìyàn tàbí orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde. Igi tí à ń pè ní obì ẹdun ni *Cola millenii*, orúkọ tí wọ́n fi yẹ́ ọ̀gbẹ́ni Millen sí, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ọgbà ewéko ìjọba ní Èkó láyé ìjọba Òyìnbó. Síbẹ̀ *m* kékeré ni a ó kọ. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ ẹ lè rí lẹ́tà ńlá nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí àṣà ìgbà náà fàyè gbà á. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé e mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í dá rìn. Kò sí ewéko tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ *odorata* lásán, nítorí ohun tó ń ta òórùn ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, ohun tó sì ń ta òórùn pọ̀ láyé. Igi pákó kan wà tí wọ́n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú wá, tí wọ́n gbìn sínú igbó ọ̀gbìn ní ilẹ̀ Yorùbá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Cedrela odorata* L.; igi gedú ni, kò sì bá Akíntọ́lá tan rárá.

Èyí tó tún ta kókó ni pé èdè Látìnì pín orúkọ sí akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bá sì tẹ̀ lé orúkọ gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Ní 1759, nígbà tí Carl Linnaeus ará Swídìn kọ́kọ́ tẹ orúkọ ewé yìí jáde nínú ìwé, inú ìdílé *Eupatorium* ni ó fi í sí, ó sì pè é ní *Eupatorium odoratum*. *Eupatorium* kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, nítorí náà ìparí *-um* ni ó bá a mu. Ní 1970, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, King àti Robinson, yẹ ìdílé ńlá náà wò, wọ́n rí i pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, wọ́n sì gbé ewé tiwa lọ sínú *Chromolaena*. Abo ni *Chromolaena*, nítorí náà *odoratum* di *odorata*. Ẹ wo ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ìwé ìwádìí pàápàá, ẹ ó rí *Chromolaena odoratum* nínú wọn lọ́pọ̀ ìgbà: ẹni tó kọ ọ́ mú orí láti inú ìwé tuntun, ó mú ìrù láti inú ìwé àtijọ́, ó sì so wọ́n pọ̀. Ẹ̀wẹ̀, ewúro tí à ń jẹ lójoojúmọ́ rin ọ̀nà kan náà ní ìyípadà kejì. *Vernonia amygdalina* ni gbogbo wa kọ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n ní báyìí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi í sínú ìdílé mìíràn, *Gymnanthemum amygdalinum* ni ó di, *-a* sì ti di *-um*. Ti ìrókò rọrùn: *Chlorophora excelsa* ni ó ń jẹ́ nínú ìwé igi Nàìjíríà tí Keay, Onochie àti Stanfield kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, *Milicia excelsa* sì ni láti 1982 wá, ìdílé méjèèjì jẹ́ abo, *excelsa* kò sì yí padà.

Ẹ lè bi mí pé, bí orúkọ ìwé náà bá ń yí padà, kí ni ó fi sàn ju orúkọ ọjà lọ? Ohun tó fi sàn ni pé ìyípadà rẹ̀ lófin, àti pé ó ń gbé ìtàn ara rẹ̀ rù. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ ewéko gbogbo ayé jọ fi ọwọ́ sí, tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú àpéjọ tó sábà máa ń wáyé ní ọdún mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin náà ní ìwé Linnaeus ti ọdún 1753 ni ìbẹ̀rẹ̀, pé orúkọ tó bá ṣáájú lẹ́yìn ìgbà náà ni yóò borí, àti pé bí a bá gbé ewéko láti ìdílé kan sí òmíràn, ọ̀rọ̀ kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ, àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí Linnaeus yàn ní 1759 ṣì wà láàyè nínú orúkọ Akíntọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti yí ìparí rẹ̀ padà.

Ibi tí ìtàn náà wà ni àwọn orúkọ ènìyàn tó kẹ́yìn. L. ni ìkékúrú Linnaeus. Òun nìkan ni ó ní àǹfààní láti fi lẹ́tà kan ṣoṣo dúró nínú ìmọ̀ ewéko. Ó wà nínú àmì àkámọ́ nítorí pé òun ló kọ́kọ́ sọ ewé náà lórúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìdílé tó wà lónìí ni ó fi í sí. King àti Robinson wà lẹ́yìn àmì náà nítorí pé àwọn ni wọ́n gbé e wá síbi tó wà. Bí ẹnì kan bá kọ *Chromolaena odorata* L. láìsí àkámọ́, ohun tó ń sọ ni pé Linnaeus fúnra rẹ̀ fi ewé náà sínú *Chromolaena*. Èyí kò lè jẹ́ òótọ́ láé, nítorí Linnaeus kú ní 1778, 1836 sì ni wọ́n tó dá ìdílé *Chromolaena* sílẹ̀. Àmì kékeré méjì tí akọ̀wé rò pé kò já mọ́ nǹkan ti mú kí òkú ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti *Cedrela odorata* L. kò ní àkámọ́, kò sì yẹ kí ó ní, nítorí láti ọjọ́ tí Linnaeus ti fi í síbẹ̀ ni ó ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a bá dárúkọ ewé ni a ó máa to orúkọ àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan, níbi tó ti kọ́kọ́ farahàn nínú ìwé, ti tó.

Ẹ má ṣe rò pé ọgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì yìí jẹ́ àjèjì sí wa. Obì àbàtà, obì gbànja, obì ẹdun: kí ni àwọn baba wa ń ṣe níbẹ̀ bí kì í ṣe pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan mú ìdílé, tí wọ́n fi èkejì mú ẹ̀yà? Àwọn onímọ̀ ewéko náà fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìdílé kan, *Cola acuminata*, *Cola nitida* àti *Cola millenii*. Ohun tí wọ́n sì fi ń ya méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ Yorùbá fi ń yà wọ́n láti kékeré, pé gbànja a máa là sí awẹ́ méjì, àbàtà a sì máa là sí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó mú kí ó jẹ́ òun ni a fi ń bi òrìṣà. Ẹ wo orógbó náà. Yorùbá kò pè é ní obì láé, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀. Òyìnbó ni ó sọ ọ́ di obì kíkorò, bí ẹni pé ìbátan obì ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo òdòdó àti èso rẹ̀, ìdílé mìíràn pátápátá ni wọ́n fi í sí, *Garcinia kola* Heckel, tí agboolé rẹ̀ jìnnà sí ti obì. Àwọn baba wa ni wọ́n jàre. Ẹni tó bá sì ń kọ orúkọ orógbó, kí ó ṣọ́ra: *kola* ibẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kejì, lẹ́tà kékeré ni, *k* sì ni, kì í ṣe *c*.

Ibi tí orúkọ tiwa ti ń jáni kulẹ̀ ni ibi tí orúkọ kan ti bo ẹ̀yà púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gánwó tí èèpo rẹ̀ kì í wọ́n nínú àgbo ibà jẹ́ *Khaya ivorensis* nínú igbó kìjikìji, ó lè jẹ́ *Khaya grandifoliola* ní ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn, ó sì lè jẹ́ *Khaya senegalensis* lókè Ọ̀yọ́. Ọ̀gánwó ni gbogbo wọn lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ìwé tí Gbile kọ lórí orúkọ Yorùbá fún ewéko Nàìjíríà, tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1984, ṣeyebíye púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ irú èyí, ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi jìnnà sí ọwọ́.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé. Bí a bá ń tẹ orúkọ Látìnì jáde nínú ìwé, lẹ́tà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni a ń lò fún ọ̀rọ̀ méjèèjì. Orúkọ àwọn ènìyàn tó tẹ̀ lé e kì í tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì àkámọ́ kì í tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni a fi ń kọ ọ́, a ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dá dúró, kí ti ọ̀rọ̀ kejì náà dá dúró, nítorí ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, ohun tí ìlà náà sì ń sọ fún atẹ̀wé ni pé kí ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí àti ọ̀rọ̀ yẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yan ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ẹ tẹ `Ctrl+I`. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń polówó ewé lórí fóònù, bí ẹ bá tẹ `_Chromolaena odorata_` lórí Wọ́sáàpù, pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀ kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà sì ní ewu tirẹ̀. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Agbowó, iwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ a máa wọlé pẹ̀lú orúkọ tó dára, a sì máa jáde pẹ̀lú èyí tó ti bàjẹ́, kì í ṣe nítorí pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò mọṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé kọ̀ǹpútà a máa fi lẹ́tà ńlá sí ọ̀rọ̀ kejì bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìlà nínú àtẹ, a sì máa yí ọ̀rọ̀ Látìnì tí kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́. Lẹ́tà *ae* inú *Chromolaena* ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ ìwé tán, kí wọ́n mú orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ wò ní `powo.science.kew.org`, ibi tí àwọn ará ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù to orúkọ ewéko ayé sí, pẹ̀lú àwọn orúkọ tí a ti fi sílẹ̀; kí wọ́n fi ojú fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Iṣẹ́ náà kì í gba àkókò.

Bí a bá ti kọ orúkọ náà ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, a lè ké ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrú lẹ́yìn náà, kí a kọ *C. odorata*, pẹ̀lú àmì ìdánudúró lẹ́yìn *C* àti àlàfo kí ọ̀rọ̀ kejì tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí igi gedú tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé lórí igbó ọ̀gbìn tí *Cedrela* wà nínú rẹ̀, tí Akíntọ́lá sì ti hù sábẹ́ igi náà, bí ó bá kọ *C. odorata*, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá igi ló ní kí wọ́n tọ́jú tàbí koríko ló ní kí wọ́n ro. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a kò ní í ké e kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orúkọ tí a kọ dáadáa tí kì í ṣe ti ewé náà léwu ju pé kí a má kọ orúkọ rárá lọ. Ẹ̀yìn-olóbe, ewé kékeré tí èso rẹ̀ ń to ara wọn sábẹ́ ẹ̀ka, ni ọ̀pọ̀ ìwé ní Áfíríkà àti Éṣíà ti pè ní *Phyllanthus niruri* L. fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ewé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni *niruri* tòótọ́. Èyí tó ń hù lẹ́yìn ilé wa ni *Phyllanthus amarus* Schumach. & Thonn., tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1827 láti inú ewé tí Thonning já ní etíkun Gánà. Àwọn olùwádìí sì wà tí wọ́n ti ewé kan rí èsì, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ èkejì. Ta ni yóò tú u palẹ̀? Ẹni tó bá rí ewé náà gan-an tí wọ́n lò ni, ìdí nìyí tí a fi ń pa á mọ́.

Ìpamọ́ náà kò le. Ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé, tó ní òdòdó, tó ní èso bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má gùn ju ohun tí pákó ìwé tó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ntímítà 42 ní gígùn àti 28 ní ìbú lè gbà. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ yí ewé kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, kí ẹ fi pákó méjì há a, kí ẹ so ó le, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Bí ẹ bá gbàgbé, yóò bu, yóò sì dúdú. Ní ọjọ́ tí ẹ já a ni kí ẹ ti kọ ibi tí ẹ ti já a, ọjọ́ náà, ẹni tó já a, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ pè é, àti àwọ̀ òdòdó pẹ̀lú òórùn rẹ̀, nítorí méjèèjì yìí kì í dúró lára ohun tó ti gbẹ. Ibẹ̀ ni Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ́ ti wúlò jù, lára ìwé kékeré náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Látìnì. Ẹ wá gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewéko ní Jẹ́ríkò, lọ́dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó, tí àmì rẹ̀ káàkiri ayé ń jẹ́ `FHI`, tàbí sí ti Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ewéko ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí tirẹ̀ ń jẹ́ `UIH`. Wọn yóò fi wé àwọn tó ti wà nílẹ̀, wọn yóò fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ni ẹ ó kọ sínú ìwé yín, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò bá gbà pẹ̀lú orúkọ tí ẹ pè é, lè lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Nígbà mìíràn èèpo lásán ni ọwọ́ yín tẹ̀ ní ọjà Bódìjà, tí kò ní ewé, tí kò ní òdòdó, tí ìyá tó tà á sì ní ọ̀gánwó ni. Ẹ má fi dandan yan ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ. Ẹ kọ *Khaya* sp., níbi tí *Khaya* ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí sp. kò tẹ̀, pẹ̀lú àmì ìdánudúró, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ mọ ìdílé ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mọ ẹ̀yà. Bí ẹ bá sì ní ìdí láti gbà pé èèpo igi ju ọ̀kan lọ ni wọ́n dì pọ̀, kí ẹ kọ *Khaya* spp. Kí ẹ wá bi ìyá náà léèrè igbó tí wọ́n ti ń gé e, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ nígbà tí igi náà bá ń tanná tàbí tí ó bá ń so.